Corolla, Matrix àbí RAV4: mọ́tò wo ló yẹ òbí tó ti dàgbà ní Àkúrẹ́?

Tí ọmọ bá fẹ́ ra mọ́tò fún òbí rẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń béèrè: èló ni, ṣé kì í mu epo jù, ṣé àwọn ará àdúgbò á rí i pé ọmọ ṣe ohun gidi. Ìbéèrè kẹta yẹn ló ń sọ ọ̀pọ̀ bàbá di ẹni tó ń wọ jíípù bí ẹni ń gun àjà. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 70, tí orúnkún sì ti ń dùn, ibi tí ìdí rẹ̀ máa bà sí nínú mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ́ńjìnnì tẹ̀ lé e, àwọ̀ ló kẹ́yìn.

Mọ́tò mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra, nítorí pé wọ́n pọ̀ ní tòkunbọ̀, àwọn mekáníìkì wa sì mọ̀ wọ́n dáadáa: Toyota Corolla ti 2003 sí 2008, Toyota Matrix ti ọdún kan náà, àti Toyota RAV4 ti 2006 sí 2012. Ọmọ ìyá ni Corolla àti Matrix, orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n ti kọ́ wọn, ẹ́ńjìnnì 1.8 sì ni wọ́n jọ ń lò. Pontiac Vibe wá jẹ́ ìbejì Matrix, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa ọ̀kan, ẹ fi mọ èkejì. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ Honda CR-V ti 2007 sí 2011 lè ka ohun tí mo sọ nípa gíga RAV4 bíi pé tirẹ̀ ni, torí gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Àwọn òbí wa ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá ti pé ọdún 76, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, làkúrègbé sì wà ní orúnkún ọ̀tún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ara rẹ̀ láti Òkè-Àró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí Ọjà Ọba, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí Oǹdó láti kí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Màmá kúrú, ó sanra díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ bàbá ló máa ń jókòó, ìró àti bùbá ló sì máa ń wọ̀. Ara méjì tí kò jọra ló fẹ́ wọ inú mọ́tò kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le.

Wíwọlé àti jíjáde

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí bàbá dúró ṣánṣán, kó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ jáde. Ẹ na okùn náà láti ilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè. Ẹ ta kókó kan síbi tó bá kòtò ẹ̀yìn orúnkún mu, kí ẹ ta èkejì síbi tí ìdí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe okùn ti màmá náà lọ́tọ̀. Okùn méjèèjì yìí lẹ máa mú lọ síbi tí wọ́n ń ta mọ́tò, ẹ ò sì ní máa wọ́ àgbàlagbà kiri nínú oòrùn títí ẹ fi máa rí èyí tó tọ́ kó wá wò.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, kí ẹnì kan jókòó díẹ̀ lórí ìjókòó kó lè rọlẹ̀, nítorí tìmùtìmù tó ti gbó máa ń wọlé ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ wá fi ìdí okùn kan ilẹ̀, kí ẹ wo ibi tí orí ìjókòó bọ́ sí láàárín kókó méjèèjì. Tó bá sún mọ́ kókó ìsàlẹ̀, ẹni náà máa já lulẹ̀ sórí ìjókòó ni, orúnkún àti itan ló sì máa fi gbé gbogbo ara dìde tó bá fẹ́ sọ̀. Tó bá ju kókó òkè lọ, ó di dandan kó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí ìdí tó débẹ̀, ẹsẹ̀ kan tó kù nílẹ̀ ló máa dá ru gbogbo ara nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ti máa ń ṣubú. Ibi tó dára jù ni àárín kókó méjèèjì sí òkè díẹ̀. Ẹni náà á kàn kọ ẹ̀yìn sí mọ́tò, á fi ìdí lé ìjókòó, kò ní bẹ̀rẹ̀, kò sì ní gòkè.

Nínú Corolla, ìjókòó bọ́ sí ìtòsí kókó ìsàlẹ̀ lórí okùn bàbá. Wíwọlé kò burú, àmọ́ jíjáde ni iṣẹ́. Mọ́tò náà kò ga ju mítà 1.48 lọ, nítorí náà etí òrùlé rẹ̀ wálẹ̀. Bàbá ní láti tẹ ọrùn, kó tẹ ìbàdí, kó sì na orúnkún lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wá ń ṣe láti ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni pé ó ń di ilẹ̀kùn mú, ilẹ̀kùn kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbára lé, nítorí ó ń lọ ó ń bọ̀. Lórí okùn màmá, Corolla bọ́ sí àárín gan-an. Ká ní òun nìkan ni, tí kì í ṣe ọjọ́ Sunday, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ọjọ́ Sunday ni gèlè máa ń wà lórí. Nínú Corolla, gèlè tó ga á kan etí òrùlé kí ìdí tó kan ìjókòó, màmá á wá máa wọlé pẹ̀lú orí tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ kan lórí gèlè, ọwọ́ kan lára ilẹ̀kùn. Kò sí ọwọ́ tó kù láti fi di nǹkan gidi mú.

RAV4 jẹ́ mítà 1.68 ní gíga. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí pé ìjókòó rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ kókó òkè díẹ̀, ó kàn fì sórí rẹ̀ ni. Ti màmá ló dà rú. Lórí okùn tirẹ̀, ìjókòó náà ti kọjá kókó òkè, ìró kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ là tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni kó ká ìró sókè dé orúnkún níwájú gbogbo èrò ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ẹnì kan máa tì í láti ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ta mọ́tò á ní kí ẹ fi irin ìtẹ̀sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó gbà. Irin yẹn yọ síta, nítorí náà ó tún ń mú kí èèyàn dúró jìnnà sí ìjókòó, kò sì fẹ̀ tó kí ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lé e dáadáa. Tí òjò bá rọ̀, ó ń yọ̀. Téèyàn bá tún ń sọ̀kalẹ̀, ẹrẹ̀ etí rẹ̀ ló ń nu sí aṣọ.

Matrix ga ní mítà 1.55, ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 péré ga ju Corolla lọ. Lójú, kò tó nǹkan. Lára okùn, òun ló yí ọ̀rọ̀ padà, torí pé àtòrùlé àtìjókòó ni wọ́n gbé sókè. Lórí okùn bàbá ó bọ́ sí àárín, lórí ti màmá ó sún mọ́ kókó òkè ṣùgbọ́n kò kọjá rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè kọ ẹ̀yìn sí i kí wọ́n sì jókòó. Gèlè ṣì ń kan òrùlé tó bá jẹ́ gèlè ọjọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ ti ọjọ́ ìsìn lásán ń wọlé.

Bí ẹ bá ti rí èyí tí okùn gbà, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, torí pé ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń fi orí ṣíwájú bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Ìdí ló ń kọ́kọ́ wọlé, ẹsẹ̀ méjèèjì á wá tẹ̀ lé e papọ̀. Ìjókòó aláwọ ń jẹ́ kí ara yí wọ̀ọ̀, àmọ́ tí oòrùn bá ti pa á, ó gbóná fún itan. Ti aláṣọ ń di ìró mú, ara kì í sì í tètè yí lórí rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kí ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ sórí ìjókòó aláṣọ, kí màmá jókòó lé e, kó yí, lẹ́yìn náà kí ẹ fa ọ̀rá náà yọ kí mọ́tò tó gbéra. Ẹ má ṣe fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ o. Tí wọ́n bá tẹ bíréèkì lójijì, yóò yọ̀ lábẹ́ bẹ́líìtì.

Ẹ tún dán ilẹ̀kùn wò lórí òkè. Àkúrẹ́ kì í ṣe ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀pọ̀ ilé ló wà lẹ́bàá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ dá mọ́tò dúró kó kọjú sókè, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì, kí ẹ sì yọwọ́. Mọ́tò tòkunbọ̀ tí ohun tó ń dá ilẹ̀kùn dúró lára rẹ̀ ti jẹ máa jẹ́ kó padà wá gbá èèyàn lójúgun. Owó àtúnṣe rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó san owó mọ́tò. Nípa ti gọ́tà tí kò lábòrí, kò sí mọ́tò tó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀: kí màmá sọ̀ kí bàbá tó fi mọ́tò sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì.

Rírí iwájú àti ẹ̀yìn

Ojú tó ti lo ọdún 60 kì í gba ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú ọmọ ogún ọdún ń gbà lọ. Nítorí náà, kí á tó sọ̀rọ̀ mọ́tò kankan, a gbọ́dọ̀ wo dígí iwájú rẹ̀. Ẹ lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ jókòó síbi awakọ̀, kí ẹ kọjú mọ́tò sí oòrùn náà. Dígí tó mọ́ kedere lọ́sàn-án lè hàn nígbà náà pé wáípà àti yanrìn ti ha á káàkiri, gbogbo rẹ̀ á funfun bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún á fara dà á. Bàbá tó ń bọ̀ láti Oǹdó ní àṣálẹ́, tí iná mọ́tò ọlọ́kọ̀ ńlá ń wọ̀ ọ́ lójú, kò ní rí nǹkan kan. Ẹ pààrọ̀ dígí náà tàbí kí ẹ wá mọ́tò míì. Ohun kan náà ni mo máa sọ nípa dígí dúdú: kódà tí ẹ bá gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ kúrò lójú tó ti ń wá ìmọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ bó o.

Ìwọ̀n méjì wà tí ẹ lè fi rúlà wò nígbà tí bàbá bá jókòó síbi awakọ̀. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 8 ga ju etí òkè sítíárì lọ, àyà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí àárín sítíárì tó sẹ̀ǹtímítà 25, nítorí báàgì afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ máa ń fi agbára tú jáde. Àgbàlagbà tó ti ń kúrú máa ń sún mọ́ sítíárì kó lè ríran, ó wá ń sún mọ́ báàgì náà. Ohun tó ń yanjú méjèèjì papọ̀ ni ìjókòó tó ṣeé gbé sókè. Ẹ wá ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì ìjókòó awakọ̀. Kì í ṣe gbogbo Corolla ló ní in, nítorí náà ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ fà á kí ẹ rí i pé ó ń gòkè.

Ní ti ẹ̀yìn, Corolla ló borí. Wínńdò ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sanra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí búùtù ń bo ohun tó bá kúrú. Matrix ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí èyí, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òpó ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, wínńdò ẹ̀yìn sì há, ọ̀kadà lè fara pamọ́ síbẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ṣì ń yí kò ní fi ṣe nǹkan kan, àmọ́ bàbá tí ọrùn rẹ̀ kò yí kọjá èjìká mọ́ nílò ìrànwọ́. A lẹ dígí kékeré rogodo mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a sì fi ẹ̀rọ tó ń ké sí bọ́ńpà ẹ̀yìn. Mo yan èyí tó ń ké dípò èyí tó ń gbé àwòrán sójú ìbòjú, torí ẹni tó ti ń fi dígí padà sẹ́yìn láti ogójì ọdún kì í rántí wo àwòrán, etí rẹ̀ ló ń gbọ́.

RAV4 ń jẹ́ kí awakọ̀ rí kòtò ọ̀nà láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn sì jẹ́ ohun ńlá lójú títì wa. Ṣùgbọ́n táyà àfikún tí wọ́n gbé kọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ lára ìsàlẹ̀ wínńdò, ọmọ kékeré tó bá dúró síbẹ̀ kò ní hàn.

Ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣe

Ọwọ́ jíà Matrix kò sí nílẹ̀ láàárín ìjókòó bíi ti Corolla, ìtòsí rédíò ló wà, lókè. Ọwọ́ kúrò lórí sítíárì, ó ti bà á. Bàbá kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà tó dán an wò, ó kàn ń lò ó ni, mo sì gbà pé àmì tó dára nìyẹn. CR-V náà gbé tirẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀.

Bíréèkì ọwọ́ ni Corolla àti Matrix ń lò, láàárín ìjókòó. Ẹni tí ìka rẹ̀ ń dùn lè má lè tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ tó bá fà á jù, nítorí náà ẹ sọ fún mekáníìkì kó fa okùn rẹ̀ le kí ó lè tètè mú, kí bàbá má baà máa fi gbogbo apá fà á. Èyí dára ju ti Camry lọ, èyí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ fà á láti ìgbà Peugeot 504 kì í rántí ti ẹsẹ̀, á wakọ̀ lọ pẹ̀lú bíréèkì lórí rẹ̀, títí táyà á fi máa rùn.

Nípa sítíárì, RAV4 ló fúyẹ́ jù, nítorí iná ló ń ràn án lọ́wọ́. Corolla àti Matrix ti ọdún yìí ń lo òróró. Ẹ yí i nígbà tí mọ́tò dúró. Tó bá ń kùn tàbí tó wúwo, òróró rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tàbí pọ́ǹpù rẹ̀ ti ń kú, apá àgbà sì máa mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára Corolla àti Matrix ni bọ́tìnnì éésì wọn. Mẹ́ta ni, gbogbo rẹ̀ ń yí, èèyàn lè fi ọwọ́ wá a láì gbójú kúrò lọ́nà. RAV4 tó lọ́lá jù nínú ìdílé rẹ̀ máa ń ní èyí tó ń kọ nọ́ńbà jáde, ẹ sá fún un tí ẹ bá rí èyí tó rọrùn. Àwọn tó ń ta mọ́tò sì ti ń yọ rédíò àtilẹ̀wá kúrò, wọ́n ń fi ìbòjú ńlá bíi ti fóònù rọ́pò rẹ̀, wọ́n á ní òun ló ń mú kí mọ́tò jọ tuntun. Ó ń tàn yòò lóru síbi tí ojú bàbá ti ń wá òkùnkùn. Ẹ ní kí wọ́n dá rédíò àtijọ́ padà.

Ẹ̀bi kan wà lára Matrix tí mi ò ní fi pamọ́: àgogo ìwọ̀n eré rẹ̀ jìn sínú ihò, ẹni tó ń lo awò ìwòran-méjì ní láti gbé àgbọ̀n sókè kó tó rí i. Ṣùgbọ́n ó sàn ju Yaris ti 2007 sí 2011 lọ, èyí tí wọ́n gbé àgogo tirẹ̀ sí àárín pátápátá. Bàbá wo ẹ̀yìn sítíárì rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó ní ṣé wọ́n ti jí i ni.

Ìtura ojú ọ̀nà

Ibí yìí kò gba àkókò. Ariwo ọ̀nà ń wọ Matrix ju Corolla lọ, torí pé búùtù rẹ̀ kò ní ògiri láàárín. RAV4 ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bá ń yí kọ́nà, màmá sì sọ pé ó ń mú kí èébì gbé òun. Camry ti 2007 sí 2011, èyí tí wọ́n ń pè ní Mọ́sù, ló ń rìn lélẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí a wọ̀, àmọ́ ó kéré ju mítà 1.48 lọ ní gíga, wàhálà Corolla ló tún ní. Kí ẹ tó sọ pé mọ́tò kan le lára, ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀. Ìwọ̀n tó tọ́ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn awakọ̀, fọganáísà sì sábà máa ń fẹ́ ẹ kọjá ibẹ̀. Táyà tó kún jù ń sọ gbogbo kòtò di ìlù lára egungun ẹ̀yìn.

Ẹrù tún wà níbẹ̀. Búùtù Corolla ní etí tó ga, èèyàn á gbé kéègì omi sókè kọjá rẹ̀ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀ sínú. Matrix tẹ́ pẹrẹsẹ, dígí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan sì ṣeé ṣí fún ẹrù kékeré, láì gbé gbogbo ilẹ̀kùn sókè. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn RAV4 ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wúwo nítorí táyà tó wà lórí rẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má jẹ́ kí àgbàlagbà nìkan ṣí i.

Èyí tí a mú, àti ìgbà tí èmi náà ì bá mú òmíràn

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó fẹ́ kí á ra Highlander. Ẹni tó fẹ́ fi owó ṣe bàbá lóore ni, mi ò bá a jà. Mo kàn ní kó fi okùn màmá wò ó. Highlander ti 2008 sí 2013 ga tó mítà 1.76. Okùn náà ló dá a lóhùn.

Matrix la mú, ti 2005. Òun nìkan ló gba okùn méjèèjì, ohun tó burú lára rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí dígí rogodo àti ẹ̀rọ tó ń ké lè ràn lọ́wọ́. Kò sí dígí tó lè gbé ìjókòó sókè tàbí kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ká ní bàbá àti màmá ga bákan náà, tí màmá sì máa ń wọ kaba tàbí ṣòkòtò, RAV4 ni mo máa sọ, pàápàá tí wọ́n bá ń lọ sí oko tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára ní apá Ìdànrè. Àmọ́ kì í ṣe ti 2006 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ń jẹ òróró, torí pé ríìngì inú rẹ̀ máa ń di. Ọ̀dọ́ lè máa ṣí bónẹ́ẹ̀tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wo òróró, bàbá ọdún 76 kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí iná pupa bá tàn ni ẹ́ńjìnnì á ti bàjẹ́. Ẹ wo èéfín rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i láàárọ̀: tó bá ń tú èéfín aláwọ̀ búlúù, tí òróró sì ń dín kù láì sí ẹ̀jò lábẹ́ rẹ̀, òun náà nìyẹn. Láti 2009 ni wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì 2.5 rọ́pò rẹ̀, èyí tí mo lè gbà fún àgbà. Owó rẹ̀ á sì ju ti Matrix lọ.

Corolla kò burú fún tọkọtaya tó kúrú, tí orúnkún wọn ṣì dá. Páàtì rẹ̀ wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó sì rọrùn láti tà padà. Tí ẹ bá rà á, ẹ ra tìmùtìmù líle tó nípọn díẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ìjókòó iwájú. Ẹ má lo fóòmù rírọ̀, torí pé á wọlé lábẹ́ ara, ẹ ò ní rí gíga kankan nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e sí abẹ́ awakọ̀, ẹ tún fi rúlà wo ojú àti àyà rẹ̀ sí sítíárì, torí ìwọ̀n náà ti yí padà.

Gbogbo èyí wà fún òbí tó ṣì lè dúró fúnra rẹ̀, tó sì lè yí ara ká. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé sókè mọ́ rárá, kódà pẹ̀lú ọ̀rá àti tìmùtìmù, kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tọ́ sí i. Ohun tí ẹ máa wá ni Sienna àti awakọ̀ tí ẹ lè fọkàn tán. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, kò sí ohun tó máa gbá èèyàn, ẹnu ọ̀nà sì fẹ̀ débi pé ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àwọn méjèèjì jọ wọlé. Ẹ kàn rí i dájú pé irinṣẹ́ ilẹ̀kùn yẹn kò tíì jẹ. Ẹ fi ìka kan fà á. Tó bá ń ha tàbí tó dúró sí àárín, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí ẹ tó san owó.